Bọ́ọ̀sì Tí Agbára Rẹ̀ Ń Pọ̀ Sí I Kì í Pẹ́ Dẹ̀rọ̀

Òṣìkà tó ń padà wá láti apá kan dé èkejì ni ọwọ̀n tó gbé kàtúùnù alápá-púpọ̀ ró. Àwọn ọmọdé ní Nàìjíríà máa ń pe akọni inú fíìmù ní áàtọ̀, wọ́n sì máa ń pe ọ̀tá rẹ̀ ní bọ́ọ̀sì. Orúkọ yìí bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, nítorí bọ́ọ̀sì ló ń da ìtàn síwájú: bí kò bá dá nǹkan sílẹ̀, áàtọ̀ kò rí nǹkan kan ṣe. Ìṣòro bọ́ọ̀sì ni pé ojú máa ń mọ́ ọn. Bó bá yọjú ní apá kìíní, ọmọ á sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ní apá kẹta, á jókòó wò ó. Nígbà tí yóò bá fi di apá keje, ọmọ náà á máa jẹ ẹ̀pà rẹ̀ lọ ní tirẹ̀, torí ó ti mọ̀ pé bó pẹ́ bó yá, wọ́n á na ọkùnrin náà, á sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Èrò tó gbilẹ̀ láàárín àwọn tó ń ya kàtúùnù àti àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ ni pé oògùn ìṣòro yìí ni kí agbára bọ́ọ̀sì máa ga sí i. Bó bá lo idà ní apá kìíní, kó lo iná ní apá kejì. Ní apá kẹta, kó di òmìrán. Ní apá kẹrin, kí orí rẹ̀ di mẹ́ta. Èrò yìí kò dára, kì í sì í ṣe nítorí pé ó rọrùn jù ló fi burú. Ó burú nítorí pé ohun tó ń fẹ́ dáàbò bò gan-an ló ń pa. Agbára tó ń ga kì í jẹ́ kí ẹ̀rù bọ́ọ̀sì wà ní tútù. Ńṣe ló ń lo ẹ̀rù ọ̀la tán lónìí.

Àwọn tó gba èrò náà gbọ́ ní ẹ̀rí kan tó lágbára, ó sì yẹ kí a gbé e yẹ̀ wò dáadáa. Wọ́n máa ń tọ́ka sí Dragon Ball Z, kàtúùnù ilẹ̀ Japan tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1989, tí àwọn ọmọ káàkiri ayé wò títí tí wọ́n fi di bàbá ọmọ. Níbẹ̀, agbára ń ga láti ìpele dé ìpele lóòótọ́, ẹ̀rù kò sì tán. Ṣùgbọ́n kí a wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Frieza, bọ́ọ̀sì tí wọ́n bẹ̀rù jù nínú rẹ̀. Ó pa ara dà di ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójú ìjà kan ṣoṣo, ìgbà kọ̀ọ̀kan sì burú ju ti ìṣáájú lọ. Wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀. Nígbà tó tún yọjú pẹ̀lú bàbá rẹ̀, tí wọ́n ti fi irin tún ara rẹ̀ ṣe, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, Trunks, yọ idà, ó sì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó ní láti rí bẹ́ẹ̀. Áàtọ̀ ti gun àkàbà kọjá ibi tí Frieza wà, òṣìkà tuntun ló sì kàn. Cell dé, lẹ́yìn rẹ̀ Buu dé. Nítorí náà, ohun tí ẹ̀rí yẹn fi hàn ni pé ẹni tó bá fẹ́ gbé agbára ga gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ bọ́ọ̀sì. Kò fi hàn pé bọ́ọ̀sì kan náà lè máa gòkè títí kí ó sì máa bani lẹ́rù.

Àṣìṣe kejì ń tọ àṣìṣe yìí lẹ́yìn bí òjìji. Nígbà tí agbára bá ti ga tán, ẹ̀rù a máa ba àwọn tó ń ṣe fíìmù pé àwọn ọmọ á kọ́ ìwà burúkú, wọ́n á wá ní kí bọ́ọ̀sì máa pàdánù pátápátá ní òpin apá kọ̀ọ̀kan. Skeletor, bọ́ọ̀sì inú kàtúùnù He-Man tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983, jẹ irú ìyà yìí. Ojú rẹ̀ jẹ́ agbárí, ohùn rẹ̀ ń han gooro, bẹ́ẹ̀ ni idán kún ọwọ́ rẹ̀. Apá 130 ni wọ́n ṣe, ilé ńlá Grayskull tó ń lépa kò sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Kò sí ọmọ tí kò ní kíyè sí i. Ọkùnrin tó ń kùnà nígbà gbogbo láìsí ohun tó mú lọ sílé ti kúrò ní ẹni ẹ̀rù, ó ti di ẹni ẹ̀rín, ìrísí agbárí kò sì lè gbà á sílẹ̀.

Ilẹ̀ Yorùbá ní bọ́ọ̀sì tirẹ̀ tó ti ń padà wá láti ayébáyé, tí ojú kò sì tíì mọ́: Ìjàpá ọkọ Yánníbo. Láti ìran dé ìran ni wọ́n ti ń fi àlọ́ rẹ̀ dá àwọn ọmọ dúró lálẹ́, agbára rẹ̀ kò sì fi ìgbà kankan pọ̀ sí i. Ahun ni, ọ̀lẹ ni, ọ̀kánjúà ni, ìrìn rẹ̀ kò yá. Bí apàlọ́ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ bí Ìjàpá, imú ló ń fi í sọ, àwọn ọmọ á sì ti mọ ẹni tó dé kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ. Ohun gbogbo nípa rẹ̀ dúró lójú kan. Kí ló wá ń jẹ́ kí àlọ́ tòní yàtọ̀ sí ti àná?

Ìdáhùn rẹ̀ wà lára ẹni tí Ìjàpá bá lọ bá. Àlọ́ Ìjàpá àti Erin fi èyí hàn kedere. Bí ọ̀pọ̀ ti ń pa á, ìlú nílò erin, kò sì sí ọdẹ tó lè mú un wálé. Ìjàpá kò wá ìbọn. Ó din àkàrà, ó tì í bọ inú oyin, ó sì lọ bá Erin nínú igbó. Ó sọ fún un pé ìlú ti jókòó, wọ́n wo gbogbo ẹranko lọ wo gbogbo wọn bọ̀, Erin nìkan ni wọ́n rí tí ara rẹ̀ tó ti ọba. Ó fún un ní àkàrà olóyin, ó ní irú oúnjẹ tí yóò máa jẹ lórí oyè nìyẹn. Erin bá a lọ sí ìlú pẹ̀lú orin àti ijó. Wọ́n ti gbẹ́ kòtò, wọ́n ti tẹ́ ẹní sórí rẹ̀, wọ́n sì gbé ìjókòó ọba síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ti Erin. Òun fúnra rẹ̀ ló rìn lọ jókòó.

Bí a bá ní kí Ìjàpá fi àkàrà àti oyè yìí tan Ajá, kò ní ṣiṣẹ́, torí Ajá kò fi ìgbà kan rò pé òun tó ọba. Ọ̀rọ̀ Ìjàpá dà bíi kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n rọ fún àgádágodo kan ṣoṣo. Nínú àlọ́ mìíràn, ojú tì í níwájú àna, ó da ẹ̀bẹ gbígbóná sínú fìlà, ó dé e, orí rẹ̀ sì pá. Níbẹ̀, òun gan-an ni àgádágodo. Ohun tó ń yí padà láti àlọ́ dé àlọ́ ni àìlera ẹni tí wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ, àìlera ẹ̀dá kì í sì í tán. Ìdí nìyí tí Ìjàpá kò fi nílò idán. Ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́ kò béèrè pé, "Ta ló ṣe é?" Ó ti mọ̀. Ohun tó ń já a láyà ni pé ó ti rí ihò tí Ìjàpá fẹ́ gbà wọlé, onílé kò sì tíì rí i.

Àlọ́ ní ààlà tirẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ fi kọ́ iṣẹ́ kàtúùnù gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Àlọ́ kì í rántí. Ìjàpá lè kú lálẹ́ òní, kó sì tún jẹ́ àgbẹ̀ lálẹ́ ọ̀la, láìsí ẹni tó béèrè. Kàtúùnù tí ìtàn rẹ̀ ń tẹ̀lé ara wọn kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, torí àwọn òǹwòran ń kà á mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí náà, ó yẹ kí a fi ohun kan kún ọgbọ́n Ìjàpá: bí bọ́ọ̀sì bá tilẹ̀ pàdánù, ohun kan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó bá ń lọ sílé.

Gargoyles, kàtúùnù ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1994, ló ṣe èyí dáadáa. Xanatos ni bọ́ọ̀sì rẹ̀, olówó tó gbé ààfin àtijọ́ kan lọ sórí ilé gíga ní New York. Ní apá kan, àwọn ọ̀daràn kan sá kúrò lẹ́wọ̀n, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Fox, kọ̀, kò bá wọn sá. Àwọn áàtọ̀ jà, wọ́n borí. Ní òpin ni òǹwòran tó rí i pé torí pé Fox kò sá ni ìjọba fi dá a sílẹ̀ ṣáájú àkókò, àti pé ohun tí Xanatos ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìjà tí áàtọ̀ borí jẹ́ òtítọ́. Ohun tí bọ́ọ̀sì rí gbà náà jẹ́ òtítọ́. Láti ọjọ́ yẹn lọ, bí Xanatos bá ti pàdánù, ọmọ tó ń wò ó kì í sinmi. Ó ń wá ohun tó wà lábẹ́ aṣọ.

Kò yẹ kí a gbàgbé Iwájú, kàtúùnù tí iléeṣẹ́ Kugali ṣe pẹ̀lú iléeṣẹ́ Disney, tó jáde lórí Disney+ ní oṣù Kejì ọdún 2024. Bode DeSousa, bọ́ọ̀sì rẹ̀, ń jí ọmọ olówó gbé ní Èkó. Ó bani lẹ́rù gan-an, torí ìfẹ́ bàbá sí ọmọ ni ihò tó ń gbà wọlé. Ṣùgbọ́n apá mẹ́fà péré ni, ìtàn kan ṣoṣo sì ni. Ẹni tó bá fẹ́ mú irú bọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ dé apá 26 kò lè jí ọmọbìnrin kan náà gbé nígbà 26. Ó ní láti tún un rọ láti ìpìlẹ̀.

Bí irú ìpìlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lè rí nìyí. Kí a fi ìtàn sí abúlé kan lẹ́yìn Ajíbódé, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé, níbi tí oko ti kangun sí ilẹ̀ Yunifásítì Ìbàdàn, tí àwọn ilé tuntun sì ń jẹ oko wọlé díẹ̀díẹ̀. Apá 13 ni yóò jẹ́. Kí orúkọ bọ́ọ̀sì máa jẹ́ Ẹlẹ́bùn. Ohun mẹ́ta nípa rẹ̀ kò ní yí padà títí. Ó ń wá ilẹ̀ abúlé náà pátá. Kì í jí nǹkan, kì í lu ènìyàn. Ohun tí ènìyàn ń fẹ́ ló máa ń fún un. Bẹ́ẹ̀ ni kò lè wọ ilé tí wọn kò bá pè é sí. Irinṣẹ́ rẹ̀ ni agboòrùn dúdú kan, ìwé kan, àti íǹkì búlúù tí àwọn ènìyàn fi ń tẹ àtàǹpàkò.

Ní apá kìíní, Ìyá Gàrí ti kó àwọn obìnrin jọ láti ìdájí, wọ́n ti bó àpò gbáàgúdá mẹ́fà. Bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó ń rin ín já ní agogo mọ́kànlá. Gbáàgúdá tí wọ́n ti bó kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí wọn kò bá rin ín lọ́jọ́ náà, àwọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, owó àwọn tó bó o á sì di gbèsè. Ẹlẹ́bùn yọ lábẹ́ agboòrùn rẹ̀, ó kí Ìyá Gàrí kú iṣẹ́, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ìyá náà fi ní, "Ẹ wọlé, bàbá." Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó fa bẹ́líìtì tuntun yọ, ìwọ̀n rẹ̀ sì bá ẹ̀rọ náà mu. Kò gba owó. Ó ní kí ìyá kàn tẹ̀ka pé òun gbà á. Inú gbogbo ènìyàn dùn, àfi Àbẹ̀ní, ọmọ-ọmọ Ìyá Gàrí, ọmọ ọdún méjìlá, tí ó ń bi ara rẹ̀ pé báwo ni bẹ́líìtì ṣe wà lápò ọkùnrin náà kí èyí tó wà lára ẹ̀rọ tó já. Ó wo ibi tó ti já, ó rí i pé ọ̀bẹ ló gé e. Kí apá náà tó parí, ó ti ra bẹ́líìtì mìíràn wá láti ọjà Ọ̀jọ́ọ̀, ó ti dá ti Ẹlẹ́bùn padà fún un lójú gbogbo abúlé. Áàtọ̀ borí. Ẹlẹ́bùn gba bẹ́líìtì rẹ̀, ó tẹríba, ó lọ. Àwòrán tó kẹ́yìn ni ìwé rẹ̀: ojú ewé kìíní, àtàǹpàkò kan.

Ní apá kẹrin, ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́kadà kan ló kàn, tó ń san ọ̀kadà olówó díẹ̀díẹ̀, tó sì ń sá fún ẹni tó jẹ lówó. Ní apá kẹfà, ó kan àgbà àgbẹ̀ tí inú ń bí nítorí pé wọn kò fi jẹ oyè. Àga àti fìlà ni Ẹlẹ́bùn gbé wá fún un. Irú Erin ni àgbà yìí, bọ́ọ̀sì sì tún kọ́kọ́rọ́ rọ. Ní apá kẹsàn-án, ó yí sí Àbẹ̀ní fúnra rẹ̀. Ìyá ọmọ náà ti kú nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́, kò mọ ojú rẹ̀. Ẹlẹ́bùn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé fọ́tò kan sókè, ẹ̀yìn fọ́tò náà ló kọ sí ọmọ. Kò sọ̀rọ̀. Àbẹ̀ní mọ ẹni tó jẹ́ ju gbogbo abúlé lọ, ó mọ ohun tí títẹ̀ka túmọ̀ sí, síbẹ̀ ó fẹ́ rí ojú ìyá rẹ̀. Kò sí òmìrán olórí mẹ́ta tó lè mú kí ọmọ tó ń wo fíìmù di ọwọ́ àga mú bí ìṣẹ́jú yẹn ṣe lè mú un.

Kí ó hàn pé agboòrùn apá kìíní náà ni, ìwé náà ni, íǹkì náà ni. Agbára Ẹlẹ́bùn kò fi ìka kan ga. Ohun tó ga ni iye àtàǹpàkò, àti ìmọ̀ òǹwòran nípa ibi tó ń lọ. Nígbà tó bá di apá kọkànlá, ọmọ tó ń wò ó á ti máa wá ẹni tó kù lábúlé tí kò tíì tẹ̀ka, á sì máa rò ó pé kí ni onítọ̀hún ń fẹ́.

Ìwé náà kò lè máa kún títí láé. Ní apá 13, àtàǹpàkò gbọ́dọ̀ di nǹkan, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òǹwòran á mọ̀ pé wọ́n tan òun. Ẹ̀rù sábà máa ń ba òǹkọ̀wé níbí, ó sì máa ń fẹ́ kí ìwé jóná kí ohun gbogbo lè padà sí bó ṣe wà. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Kí Ẹlẹ́bùn gba ilẹ̀ náà. Ní òpin ọ̀wọ́ kejì kàtúùnù Avatar: The Last Airbender, ní ọdún 2006, Azula tó jẹ́ bọ́ọ̀sì gba ìlú Ba Sing Se, mànàmáná rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Aang tó jẹ́ áàtọ̀. Ọ̀wọ́ kẹta kò nílò Azula tó lágbára jù; ilẹ̀ tí gbogbo wọn dúró lé ti yí padà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ẹlẹ́bùn yóò ṣe di onílẹ̀, àwọn tó ń kí i káàbọ̀ sílé wọn tẹ́lẹ̀ yóò sì máa sanwó ilé fún un. Kò nílò kí wọ́n pè é wọlé mọ́. Ọkùnrin kan náà ni, ẹ̀rù mìíràn ni.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀, ó sì ta ko èrò tó gbilẹ̀ gidigidi. Àwòrán 24 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ayàwòrán bá tilẹ̀ ń lo àwòrán kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, méjìlá ni yóò yà. Apá oníṣẹ́jú mọ́kànlá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 660, èyí jẹ́ àwòrán 7,920. Ilé iṣẹ́ tí ọwọ́ rẹ̀ kéré kì í ya gbogbo rẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ń ya ẹ̀dá kan lẹ́ẹ̀kan láti iwájú, láti ẹ̀gbẹ́, láti ẹ̀yìn, pẹ̀lú oríṣi ẹnu tó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń fi kọ̀ǹpútà gbé ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ láti apá dé apá. Bọ́ọ̀sì tó bá yí ara padà ní apá kọ̀ọ̀kan, ó sọ gbogbo iṣẹ́ yẹn di asán, wọ́n á tún un yà. Ṣùgbọ́n àwọn tí Ẹlẹ́bùn ń lọ bá ti wà nínú abúlé láti apá kìíní, wọ́n ti yà wọ́n. Ẹ̀rù tuntun kò ná ilé iṣẹ́ ní àwòrán bọ́ọ̀sì tuntun kankan.

Nítorí pé kò ní yí padà, ó yẹ kí wọ́n fara balẹ̀ yà á. Bí wọ́n bá fi dúdú kun gbogbo ara rẹ̀, kí ọmọ ọdún márùn-ún ṣì lè mọ̀ ọ́n nípa agboòrùn àti ejìká rẹ̀ tó tẹ̀. Kí ó ní ìró tirẹ̀ bí Ìjàpá ṣe ní ohùn imú: ṣóńṣó agboòrùn tó ń gún ilẹ̀, gbẹ́mu, gbẹ́mu, kí á tó rí i. Nígbà tí ìró náà bá ti mọ́ òǹwòran létí, wọ́n lè ṣe odindi apá kan tí kò ní fojú hàn rárá, kí agboòrùn kàn fara ti ògiri ìyá kan, kí ilẹ̀kùn sì wà ní títì.

Àmì tí a fi ń mọ̀ pé bọ́ọ̀sì ti ń kú kì í fara sin. Bí a bá lè yọ ọ́ kúrò nínú apá kan, kí a fi bọ́ọ̀sì mìíràn sí i, tí ìtàn kò sì yingin, kò sí bọ́ọ̀sì níbẹ̀. Àmì tó tún burú jù ni kí áàtọ̀ gbọ́ ìró rẹ̀ kó máa bá eré lọ. Òǹwòran ń wo ojú áàtọ̀ kó tó mọ̀ bóyá kí òun bẹ̀rù. Bí Àbẹ̀ní kò bá sáré lọ ti ilẹ̀kùn, kò sí ọmọ tí yóò bá a sá. Ibí ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ti ń sáré lọ gbé idán wá, nígbà tó jẹ́ pé ohun tó kù ni kí wọ́n padà lọ béèrè ohun tí ẹni tó kàn ń fẹ́.

Kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí jọ̀wọ́ fi bírọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ ná. Kó kọ́kọ́ kọ orúkọ ènìyàn mẹ́tàlá, kó kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ tí kò lè sọ síta sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, kó tó wá ya fìlà bọ́ọ̀sì.